"Sì" ni tàbí "tàbí"? Àlàyé lórí àìdọ́gba méjì tí a so pọ̀, àti bí a ṣe ń yà á sórí ìlà òǹkà

Ọmọbìnrin kan tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò Wáẹ̀kì gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi ní lẹ́sìnnì tí mo máa ń ṣe fún àwọn ọmọ ní Tánkẹ́, nílùú Ìlọrin. Ó ti ṣe ìṣirò náà láti òkè délẹ̀, gbogbo ìlà rẹ̀ ló sì tọ̀nà àfi èyí tó kẹ́yìn. Ohun tó kọ síbẹ̀ nìyí:

```
3 ≤ x < -2
```

Ó ní, "Sà, ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé yàtọ̀ sí tèmi, mi ò sì rí ibi tí mo ti ṣì í." Mo ní kó fi àtàńpàkò bo x mọ́lẹ̀, kó wá ka ohun tó kù fún mi. Ó bò ó, ó kà á: "3 kò tó máínọ́ọ̀sì 2." Ó dákẹ́. Ó tún un kà. Ó ní, "Háà! Kò lè rí bẹ́ẹ̀ kẹ̀."

Kì í ṣe pé ọmọ náà kò mọ ìṣirò. Ó mọ bí a ṣe ń yọ, ó mọ bí a ṣe ń pín. Ọ̀rọ̀ kékeré kan tó wà láàárín àìdọ́gba méjèèjì ni kò fojú tó yẹ wò: "tàbí". Ó mú un bí ẹni pé "sì" ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni mo ti rí tí ọ̀rọ̀ yìí dà láàmú, mo sì gbà pé èdè ló fà á ju ìṣirò lọ. Nítorí náà, ìdí èdè yẹn ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan lórí àwọn àmì. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mu rẹ́gí. `x < 3` ni "x kò tó 3". `x > 3` ni "x ju 3 lọ". `x ≤ 3` ni "x kò ju 3 lọ", ìyẹn ni pé 3 fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. `x ≥ 3` ni "x kò dín ní 3", 3 wà níbẹ̀ bákan náà. Àmì < àti > ti wà nínú ìwé láti ọdún 1631, nígbà tí wọ́n tẹ iṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Thomas Harriot jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀. Èmi máa ń ní kí àwọn ọmọ ka àmì wọ̀nyí jáde lẹ́nu ní Yorùbá kí wọ́n tó fọwọ́ kan bírò, torí ẹni tó bá ti ka `≥` ní "kò dín ní" kò ní gbàgbé láti kun òbírí rẹ̀ nígbà tó bá dórí ìlà.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tó so wọ́n pọ̀. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń so orúkọ mọ́ orúkọ, òun náà ni wọ́n fi ń so gbólóhùn mọ́ gbólóhùn. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Àti" ni a fi ń so orúkọ pọ̀: iyọ̀ àti ata, Ìlọrin àti Ọ̀ffà. Tí a bá fẹ́ so ìṣe méjì mọ́ ẹnì kan ṣoṣo, "sì" ni à ń lò: ó ga, ó sì dúdú. Ẹni tó ga yẹn gan-an ló dúdú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín "àti" àti "sì" yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé.

Ẹ wò ó báyìí. Níbi ìtọ́jú ọ̀fẹ́ kan, wọ́n kéde pé: "Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 àti àwọn àgbà tó ti ju ọdún 65 lọ, ẹ bọ́ síwájú." Gbogbo wa la gbọ́ ọ yé. Àwọn ìyá gbé ọmọ wọn dìde, àwọn bàbá arúgbó ti ọ̀pá wọn mọ́lẹ̀, wọ́n dìde. Ṣùgbọ́n tí a bá fẹ́ kọ ọ́ ní ìṣirò, kí x dúró fún ọjọ́ orí, "sì" kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Tí a bá kọ ọ́ pé x kò tó 5, x sì ju 65 lọ, ohun tí à ń wí ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni kó jẹ́ ọmọ ọwọ́, kí òun kan náà tún jẹ́ arúgbó. Kò sẹ́ni tó máa dìde. Ohun tó yẹ ká kọ ni:

```
x < 5 tàbí x > 65
```

"Àti" inú ìkéde yẹn ń kó oríṣi ènìyàn méjì jọ sójú kan. Lójú ìṣirò, "tàbí" ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. "Sì" ní tirẹ̀ ń di ẹrù méjì lé orí nọ́ńbà kan ṣoṣo, nọ́ńbà tó bá ju ọ̀kan sílẹ̀ nínú ẹrù náà ti bọ́ sẹ́yìn. Nítorí náà, tí ẹ bá rí àìdọ́gba méjì, ẹ má bi ara yín pé ẹgbẹ́ mélòó ni wọ́n dárúkọ. Ẹ mú nọ́ńbà kan, kí ẹ bi í ní ìbéèrè: ṣé dandan ni kí ìwọ nìkan gbé méjèèjì, àbí ọ̀kan tó fún ọ?

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà wo "sì". Ìyá kan gbéra láti Ọ̀ffà, ó ń bọ̀ ní Ọjà Ọba ní Ìlọrin láti wá ra èlùbọ́. Ẹ jẹ́ ká ní owó ọkọ̀ lọ-bọ̀ jẹ́ 3,000 náírà, kí kọ́ńgò èlùbọ́ kan jẹ́ 1,500 náírà. Gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ 18,000 náírà. Ó sì ní ìlànà kan tí kì í yẹ̀: owó ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìnáwó rẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kúkú ra èlùbọ́ ní Ọ̀ffà. Nígbà tí owó ọkọ̀ ti jẹ́ 3,000, gbogbo ìnáwó kò gbọdọ̀ dín ní 9,000. Tí a bá wá pe iye kọ́ńgò tó máa rà ní x, ìnáwó rẹ̀ jẹ́ 1,500 lọ́nà x, pẹ̀lú 3,000. Ìnáwó yìí kò gbọdọ̀ dín ní 9,000, kò sì gbọdọ̀ ju 18,000 lọ. Ìnáwó kan náà ló ní ẹrù méjì lórí. "Sì" nìyẹn, òun ló sì jẹ́ ká lè kọ ọ́ papọ̀ lórí ìlà kan:

```
9000 ≤ 1500x + 3000 ≤ 18000
```

Ibi mẹ́ta ni ìlà yìí ní: òsì, àárín àti ọ̀tún. Ohunkóhun tí a bá ṣe sí àárín, a gbọ́dọ̀ ṣe é sí òsì, ká sì ṣe é sí ọ̀tún. Ibí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣubú, torí ìdọ́gba tí wọ́n ti mọ́ tẹ́lẹ̀ kò ní ju apá méjì lọ. Wọ́n á yọ 3,000 kúrò ní àárín àti ní ọ̀tún, wọ́n á gbàgbé òsì. Àwa yọ ọ́ kúrò níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lẹ́yìn náà a fi 1,500 pín ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta:

```
6000 ≤ 1500x ≤ 15000
   4 ≤ x ≤ 10
```

Ìyá wa kò gbọdọ̀ ra ohun tó dín ní kọ́ńgò 4, kò sì gbọdọ̀ ra ju 10 lọ. Lórí ìlà òǹkà, a ó ya òbírí sórí 4, a ó ya òmíràn sórí 10, a ó kun inú méjèèjì torí pé 4 àti 10 fúnra wọn wà nínú ìdáhùn. A ó wá fa ìlà tó nípọn láti orí ọ̀kan dé orí èkejì.

Kí ló dé tí a fi fa ìlà, tí a kò kàn tò àmì sórí 4, 5, 6 títí dé 10? Torí pé wọ́n máa ń wọn ààbọ̀ kọ́ńgò fún oníbàárà. Kọ́ńgò mẹ́rin àbọ̀ jẹ́ ìdáhùn gidi. Ṣùgbọ́n ká ní ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń mọ ní Dàda ní Òkèlele ló wá rà ní iye owó kan náà, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó máa ta ìlàjì ìkòkò fún un. Ìlà kò ní sí níbẹ̀ mọ́, àmì méje péré ni a ó tò sórí nọ́ńbà odindi láti 4 dé 10, a ó sì fi àárín wọn sílẹ̀ lófìfo. Ìṣirò méjèèjì jọra títí dé ìlà tó kẹ́yìn, ohun tí à ń kà ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Tí ìbéèrè kò bá sọ pé nọ́ńbà odindi ni òun ń fẹ́, ìlà ni kí ẹ fà.

Apá kan nínú "sì" wà tó gba sùúrù, ìyẹn nígbà tí máínọ́ọ̀sì bá so mọ́ x. Ẹ wo èyí:

```
1 ≤ 7 - 2x < 13
```

A yọ 7 kúrò níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ku `-6 ≤ -2x < 6`. Ó wá kù ká fi máínọ́ọ̀sì 2 pín in, ibẹ̀ sì ni àmì méjèèjì gbọ́dọ̀ ti kọjú síbòmíràn. Wọ́n máa ń sọ èyí fáwọn ọmọ bí òfin, wọn kì í sọ ìdí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó ní 2 náírà lápò kò tó ẹni tó ní 5 náírà. Ẹ wá sọ owó méjèèjì di gbèsè. Ẹni tó jẹ gbèsè 5 náírà ló wá wà nísàlẹ̀ báyìí, ẹni tó jẹ 2 náírà ti ga jù ú lọ. 2 kò tó 5, ṣùgbọ́n máínọ́ọ̀sì 2 ju máínọ́ọ̀sì 5 lọ. Máínọ́ọ̀sì máa ń yí ìlà òǹkà padà bí ìgbà tí ènìyàn wo ara rẹ̀ nínú dígí: ohun tó wà lọ́tùn-ún á bọ́ sósì. Tí àwọn nọ́ńbà bá ti pààrọ̀ ipò, àmì kò lè dúró bó ṣe wà. A ó ní:

```
 3 ≥ x > -3
-3 < x ≤ 3
```

Ìlà kejì kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, a kàn tún un kọ láti ọwọ́ kejì kí nọ́ńbà tó kéré lè wà lósì bó ṣe wà lórí ìlà òǹkà. Ẹ ṣàkíyèsí pé àmì kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé nọ́ńbà rẹ̀ lọ. 3 ló ní `≤` lọ́dọ̀, òun náà ló ṣì ní in. Àwọn ọmọ máa ń gbé nọ́ńbà lọ, kí wọ́n fi àmì sílẹ̀ níbi tó wà, wọ́n á wá kun òbírí tí kò yẹ kí wọ́n kùn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ tọ̀nà, ẹ fi nọ́ńbà etí méjèèjì dán an wò nínú ìbéèrè gan-an. Tí x bá jẹ́ 3, 7 yọ 6 jẹ́ 1, 1 kò sì dín ní 1, ó wọlé. Tí x bá jẹ́ máínọ́ọ̀sì 3, 7 àti 6 jẹ́ 13, ìbéèrè sì ní kò gbọdọ̀ tó 13. Kò wọlé. Nítorí náà a kun òbírí orí 3, a sì fi inú òbírí orí máínọ́ọ̀sì 3 sílẹ̀ lófìfo:

```
<---|---o===|===|===|===|===|===●---|--->
   -4  -3  -2  -1   0   1   2   3   4
```

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin wa, torí "tàbí" ló gbé e wá. Ìbéèrè tí wọ́n fún un nìyí:

```
3x - 4 < -10  tàbí  2x + 5 ≥ 11
```

Níbí, kò sí pé à ń so wọ́n mọ́ ara wọn. Méjèèjì dá dúró, bí ilẹ̀kùn méjì tó wọ ilé kan. A ó yanjú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ní ti àkọ́kọ́, a fi 4 kún un, ó di `3x < -6`, a fi 3 pín in, ó di `x < -2`. Ní ti èkejì, a yọ 5, ó di `2x ≥ 6`, a fi 2 pín in, ó di `x ≥ 3`. Ìdáhùn ni:

```
x < -2  tàbí  x ≥ 3
```

Ibí ló yẹ kó ti dúró. Ọ̀rọ̀ "tàbí" gbọ́dọ̀ wà nínú ìdáhùn, kò ṣeé jù nù. Òun rí i pé àwọn ìdáhùn tó wà lókè ìwé rẹ̀ kúrú, ó fẹ́ kí tirẹ̀ náà kúrú, ó wá kó méjèèjì sórí ìlà kan. Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀ pé ìlà alápá mẹ́ta máa ń sọ "sì" láìdárúkọ rẹ̀. `3 ≤ x < -2` ń wí pé x kò dín ní 3, kò sì tó máínọ́ọ̀sì 2. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kò sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó fi àtàńpàkò bo x: ohun tó bá kù lẹ́yìn tí a bo x gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irọ́, ìlà yẹn kò ní ìdáhùn kankan.

Àṣìṣe kan tún wà tó burú ju èyí lọ, torí àtàńpàkò kò lè tú u fó. Ọmọ mìíràn á rí i pé `3 ≤ x < -2` kò dára lójú, á wá tò ó padà sí `-2 < x < 3`. Ó dùn ún wò, ó sì bójú mu lórí ìlà. Ṣùgbọ́n àárín tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn gan-an ló kùn. Ẹ mú 0, ó wà láàárín yẹn, kí ẹ fi sínú ìbéèrè. Ní ti àkọ́kọ́, 0 yọ 4 jẹ́ máínọ́ọ̀sì 4, ṣé kò tó máínọ́ọ̀sì 10? Rárá, ó jù ú lọ. Ní ti èkejì, 0 àti 5 jẹ́ 5, 5 kò sì tó 11. Ẹnu ọ̀nà méjèèjì ni 0 dé, méjèèjì ló tì mọ́ ọn. Apá méjèèjì tó kọ ẹ̀yìn síra wọn ni ìdáhùn wà:

```
<===|===|===o---|---|---|---|---●===|===|===>
   -4  -3  -2  -1   0   1   2   3   4   5
```

Òbírí orí máínọ́ọ̀sì 2 ṣófo torí pé `<` ló wà níbẹ̀, ti orí 3 ní kíkùn, ọfà méjèèjì sì ń lọ síta láìdúró.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa "tàbí". Lẹ́nu wa lójoojúmọ́, ó sábà máa ń ní ká mú ọ̀kan. Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé ṣé ẹ̀kọ tàbí àmàlà lo fẹ́, wọn ò retí pé kó o gba méjèèjì. "Tàbí" inú ìṣirò kò há báyẹn. Nọ́ńbà tó bá mú ọ̀kan ti wọlé, èyí tó bá sì mú méjèèjì náà ti wọlé, kò sẹ́ni tó máa lé e jáde. Ẹ wo `x > 2 tàbí x < 5`. 1 kò ju 2 lọ, ṣùgbọ́n kò tó 5, ó wọlé. 8 ju 2 lọ, ó wọlé. 3 mú méjèèjì, òun náà wọlé. Kò sí nọ́ńbà tó máa ṣẹ́ kù síta, gbogbo ìlà ni a ó kùn láti ọfà dé ọfà. Ẹ wá yí ọ̀rọ̀ àárín padà sí `x > 2 sì x < 5`: nọ́ńbà tó wà láàárín 2 àti 5 nìkan ló kù.

Fún irú èyí, pẹ́ńsù aláwọ̀ méjì ni mo máa ń fún wọn. Wọ́n á fi aláwọ̀ búlúù ya àìdọ́gba àkọ́kọ́ lókè ìlà òǹkà, wọ́n á fi pupa ya èkejì lókè rẹ̀. Tó bá jẹ́ "sì", ibi tí búlúù àti pupa ti jọ wà ni ìdáhùn. Tó bá jẹ́ "tàbí", ibikíbi tí àwọ̀ kankan bá ti dé ni ìdáhùn. Ọ̀nà yìí kì í jẹ́ kí wọ́n ṣì í nígbà tí àmì méjèèjì bá kọjú síbì kan náà. `x > 2 sì x > 5` máa jẹ́ `x > 5`, torí ẹ̀yìn 5 ni àwọ̀ méjèèjì ti pàdé. `x > 2 tàbí x > 5` máa jẹ́ `x > 2`, torí búlúù ti wà nílẹ̀ láti ẹ̀yìn 2. Tí a bá ní `x < 2 sì x > 5`, àwọ̀ méjèèjì kò ní pàdé rárá. Kí ẹ kọ ọ́ pé kò sí ìdáhùn, kí ẹ fi ìlà sílẹ̀ láìkùn. Mo ti rí ọmọ tó ya irú èyí dáadáa, tó wá ń bẹ̀rù ìlà òfìfo níwájú olùdánwò, ó sì kun àárín 2 àti 5 kó lè rí nǹkan kọ. Òfìfo yẹn gan-an ni ìdáhùn tó tọ̀nà.

Ọmọbìnrin náà fi rọ́bà nu ìlà tó kẹ́yìn, ó kọ "tàbí" síbẹ̀, ó ya ọfà méjì tó kọ ẹ̀yìn síra wọn. Lẹ́yìn náà ló ṣí ojú ewé tó ṣe ṣáájú, níbi tí `-3 < x ≤ 3` wà. Mi ò sọ nǹkan kan fún un. Ó fi àtàńpàkò bo x, ó kà á sókè: "Máínọ́ọ̀sì 3 kò tó 3." Ó mi orí, ó sì bọ́ sí ìbéèrè tó tẹ̀lé e.